Ọdún mélòó ni ogún máa fi di ogójì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Yorùbá fi ń pe òwò owó yíyá tí èlé rẹ̀ ń fa aṣọ ya mọ́ èèyàn lára: sọgúndogójì. Ẹni tó bá yá ogún, ogójì ló máa dá padà. Lóde òní, orúkọ kan náà yìí la fi ń pe àwọn áàpù àti ìkànnì tó ń sọ pé ká kówó wá lónìí, ká wá gba ìlọ́po méjì lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń parí. Àmọ́ ìbéèrè kan wà nínú orúkọ yẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dúró bi ara wa. Ogún lè di ogójì lóòótọ́, láìsí jìbìtì, láìsí oògùn. Ọdún mélòó ló máa gbà?

Ohun tó ń sọ ogún di ogójì láìsí jìbìtì ni èlé orí èlé. Kò ṣòro láti yé èèyàn. Ẹ jẹ́ ká mú ₦100,000, ká fi í síbi tí wọ́n ti ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn 10%. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ bá parí, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì.

Ẹnì kan á yọ ₦10,000 yẹn, á fi ra dátà àti ṣáwámà, á wá fi ojú owó sílẹ̀. Lọ́dún kejì, ₦10,000 náà ló tún máa rí gbà. Lọ́dún kẹta, ₦10,000. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, gbogbo èlé tó ti gbà jẹ́ ₦300,000, ₦100,000 rẹ̀ sì wà níbi tó fi í sí. Èlé lásán nìyẹn.

Ẹnì kejì ò fọwọ́ kan èlé tirẹ̀. Nítorí náà, lọ́dún kejì, orí ₦110,000 ni wọ́n máa ti ṣírò èlé, kì í ṣe orí ₦100,000 mọ́. Èlé ọdún yẹn á jẹ́ ₦11,000, àpapọ̀ owó á sì di ₦121,000. Lọ́dún kẹta, ó di ₦133,100. Ẹ wo ₦1,000 tó fi ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ lọ́dún kejì yẹn. Kì í ṣe ₦100,000 ló bí i, èlé ọdún àkọ́kọ́ ló bí i. Bí ewúrẹ́ ló rí: ẹni tó ń pa gbogbo ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ, ewúrẹ́ kan ṣoṣo lá máa ní títí láé. Ẹni tó bá fi àwọn ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ náà á bímọ.

₦1,000 kéré, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í ka èlé orí èlé sí nǹkan kan. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ₦100,000 yẹn ti di ₦259,374. Lẹ́yìn ogún ọdún, ₦672,750. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ₦1,744,940. Tẹ́ ẹ bá wo àwọn iye yẹn dáadáa, ẹ máa rí i pé ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ fi ₦159,000 àti díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn nìkan fi ju mílíọ̀nù kan lọ kún un. Èlé ò yí padà, 10% náà ni. Ẹni tó ni ín ò sì fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ọjọ́ ló gùn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tá à ń pè ní ìfowópamọ́ ló ní èlé nínú o. Àjọ tí ìyá yín ń dá lọ́jà ò ní in. Ẹni tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún alájọ, owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń mú nígbà tí oṣù bá parí, ìyókù ló máa kó fún un. Owó ìtọ́jú nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, torí alájọ ń bá a pa owó mọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èésú náà ò ní èlé, owó tẹ́ ẹ dá lẹ máa kó. Àwọn méjèèjì dára fún ẹni tó fẹ́ san owó ilé tàbí ra ẹ̀rọ amúnáwá láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dá àjọ fún ọgbọ̀n ọdún, ewúrẹ́ yín ò ní bímọ kankan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ogún àti ogójì. Ìṣirò kékeré kan wà tí kò nílò ẹ̀rọ ìṣirò rárá. Ẹ mú 72, kẹ́ ẹ fi iye èlé ọdún kan pín in. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni iye ọdún tí owó máa fi di ìlọ́po méjì. Bí èlé bá jẹ́ 4%, ọdún méjìdínlógún ni ogún máa fi di ogójì. Bó bá jẹ́ 12%, ọdún mẹ́fà ni. Bó bá jẹ́ 18%, ọdún mẹ́rin ni. Kì í ṣe ìṣirò tuntun. Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1494. Kò péye dé orí kọ́bọ̀, pàápàá tí èlé bá ti ga jù, àmọ́ ó tó fún ohun tá a fẹ́ fi ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń fi ṣe ni wíwọn àwọn tó ń pariwo pé àwọn ń san èlé ńlá. Lọ́dún 2016, MMM ṣèlérí 30% fáwọn ọmọ Nàìjíríà, lóṣù kan, kì í ṣe lọ́dún. Ogún máa di ogójì kí oṣù mẹ́ta tó pé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá jẹ́ kí èlé orí èlé ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí ìlérí yẹn. ₦100,000 máa di ₦2,300,000 àti díẹ̀ lọ́dún kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, á ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnléláàádọ́ta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, á ti kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Látara ₦100,000! Ibo ni bílíọ̀nù kan náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ti máa wá? Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n ti owó àwọn èèyàn pa. CBEX tó dé lẹ́yìn náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ní. Fún oṣù méjìlá, ìyẹn á sọ ₦100,000 di mílíọ̀nù tó lé ní irínwó. Nígbà tí ó dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ńṣe làwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn tí wọ́n ń kó àga.

Ẹni tó bá mọ èlé orí èlé kò nílò kí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un nípa irú nǹkan báyìí. Kó ṣáà bi ara rẹ̀ pé: tí mi ò bá yọ owó yìí, tí mo fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, èló ló máa dà? Bí ìdáhùn bá ju owó tó wà nínú ìlú lọ, òkú ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìfowópamọ́ ọlọ́jọ́ gígùn gan-an la fẹ́ sọ. Ìtàn kan wà tí gbogbo àwọn tó ń kọ́ni nípa owó lórí ayélujára máa ń sọ. Mo máa sọ ọ́ níbí pẹ̀lú náírà, torí pé ó wúlò, lẹ́yìn náà màá sọ ibi tí ìtàn náà ti ń ṣini lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká pe àwọn méjì náà ní Ṣadé àti Kúnlé, ọmọ ìyá kan náà, ìbejì. Ṣadé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọmọ ọdún méjìlélógún, ó sì ń fi ₦20,000 pamọ́ lóṣooṣù, ìyẹn ₦240,000 lọ́dún. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́wàá péré, ó bímọ, ìnáwó pọ̀, ó dáwọ́ dúró. Àmọ́ kò yọ kọ́bọ̀ kan, ó fi owó náà sílẹ̀ níbi tó wà títí ó fi di ẹni ọgọ́ta ọdún. Kúnlé ní tirẹ̀ gbádùn ayé fún ọdún mẹ́wàá yẹn. Ìgbà tí Ṣadé dáwọ́ dúró, tí àwọn méjèèjì di ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, lòun tó bẹ̀rẹ̀. ₦240,000 lọ́dún lòun náà ń fi pamọ́, kò sì sinmi títí ó fi pé ọgọ́ta ọdún. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko. Ká ní ibi tí àwọn méjèèjì fi owó sí ń san 12% lọ́dún.

Gbogbo owó tó ti ọwọ́ Ṣadé jáde jẹ́ ₦2,400,000. Ti Kúnlé jẹ́ ₦6,720,000. Ta ló máa ní owó jù lọ́jọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún wọn?

Nígbà tí Ṣadé dáwọ́ dúró, owó rẹ̀ ti di ₦4,200,000 àti díẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù. Tẹ́ ẹ bá fi 12 pín 72, ẹ máa rí ọdún mẹ́fà, ìyẹn ni pé owó rẹ̀ máa di ìlọ́po méjì ní bí ìgbà mẹ́rin àti ààbọ̀ kó tó pé ọgọ́ta. Mẹ́rin á di mẹ́jọ, mẹ́jọ á di mẹ́rìndínlógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá ṣírò rẹ̀ tán, nǹkan bíi ₦100,600,000 ló wà lọ́wọ́ Ṣadé. Ti Kúnlé jẹ́ nǹkan bíi ₦45,800,000. Ẹni tó fi ìdá kan nínú mẹ́ta pamọ́ ló ní ju ìlọ́po méjì lọ.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé Ṣadé gbọ́n ju Kúnlé lọ tàbí pé ó rí ibi tó dára jù. Ibì kan náà ni wọ́n fi owó sí. Ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ni ìlọ́po méjì kan àti ààbọ̀ tí Kúnlé ò ní rí mọ́, ìlọ́po méjì tó kẹ́yìn ló sì máa ń tóbi jù.

Kí n tó sọ ibi tí ìtàn yìí ti yẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ lé lórí: wọ́n ní Ṣadé fi owó náà sílẹ̀. Ó rọrùn láti sọ. Ẹ jẹ́ ká ní kò fi í sílẹ̀ tán. Ká ní láti ìgbà tó ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń yọ èlé rẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń fi í san owó iléèwé ọmọ, tí kò sì fọwọ́ kan ₦4,200,000 yẹn. Nǹkan bíi ₦505,000 lá máa rí lọ́dún. Fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ti gba bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlá, ojú owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ₦18,400,000 lọ. Owó kan náà, èlé kan náà, ọdún kan náà. Láti orí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ó wá sílẹ̀ sí méjìdínlógún, torí pé ọmọ ewúrẹ́ ò dúró bímọ.

Mi ò sọ pé kéèyàn má san owó iléèwé ọmọ rẹ̀ o. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn wà nípò yẹn tí wọn ò mọ̀. Wọ́n rò pé èlé orí èlé làwọn ń gbà, èlé lásán ni.

Ẹ wo ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní tírẹ́ṣúrì bíìlì. Ìjọba ló ń yá owó lọ́wọ́ yín fún ọjọ́ 91, 182 tàbí 364. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san èlé rẹ̀ ṣàjèjì díẹ̀: iwájú ni èlé máa ń wà. Ká ní ti ọjọ́ 364 ni, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 18%. Ẹni tó bá fẹ́ gba ₦1,000,000 lọ́jọ́ tó bá pé, bíi ₦820,000 ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Bíi ₦180,000 á ṣẹ́ kù sínú àkáǹtì rẹ̀. Èlé rẹ̀ nìyẹn. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lápò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọdún bá pé, ₦1,000,000 máa padà wá, á ní kí báńkì tún un rà, wọ́n á tún yọ ₦820,000, ₦180,000 á tún já bọ́ sínú àkáǹtì. Kò ní kúrò lórí mílíọ̀nù kan yẹn títí láé. Ẹni tó fẹ́ kí èlé rẹ̀ bímọ gbọ́dọ̀ sọ fún báńkì pé gbogbo ₦1,000,000 tó padà wá ni kí wọ́n fi rà. Nígbà náà, bíi ₦1,219,000 ló máa padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó àjùmọ̀ní tí wọ́n ń pè ní mọní mákẹ́ẹ̀tì fọ́ọ̀ndì, tí ọ̀pọ̀ yín ń lò lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pín èrè ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè bóyá kí wọ́n san èrè náà sí báńkì yín tàbí kí wọ́n dá a padà sínú rẹ̀. Reinvest ni wọ́n sábà máa ń kọ síwájú èyí tó ń dá a padà. Ẹ lọ wò ó. Tẹ́ ẹ bá ń rí kinní kan tó ń wọlé sí àkáǹtì yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tẹ́ ẹ rò pé ọlọ́run ló ń ṣe é, èlé yín ló ń jáde yẹn.

Àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán ní báńkì tún ní tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ báńkì, tẹ́ ẹ bá ti yọwó ju ìgbà mẹ́rin lọ láàárín oṣù kan, wọn ò ní san èlé oṣù yẹn fún yín. Ta ló wà nílùú Èkó tí kì í yọwó ju ìgbà mẹ́rin lọ lóṣù? Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé nìkan ti tó o.

Ó dáa. Ibi tí ìtàn Ṣadé àti Kúnlé ti yẹ̀ wá rèé. Wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ti ọdún méjìdínlógójì sí òní á ra ohun tí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ń rà lónìí. Ẹni tó ti ra ìrẹsì ní Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn mọ̀ pé irọ́ ni. Iye owó ọjà náà ń gun orí ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èlé ṣe ń ṣe. Bí nǹkan bá fi 20% wọ́n sí i lọ́dún yìí, tó tún fi 20% wọ́n sí i lọ́dún tó ń bọ̀, orí iye tuntun ni 20% kejì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ọjà, èlé orí èlé ni òun náà. Ẹ̀yìn ibòmíràn ló kàn kọjú sí.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. ₦100,000 ní 12%, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, á di bíi ₦310,600. Ó dùn mọ́ni, àbí? Àmọ́ tí ọjà bá ń fi 20% wọ́n sí i lọ́dọọdún, ohun tó jẹ́ ₦100,000 lónìí á ti di bíi ₦619,000. Owó yín ti di ìlọ́po mẹ́ta, ìdajì ohun tó lè rà tẹ́lẹ̀ ló sì lè rà. Ẹ ti pàdánù ìdajì owó yín, ẹ ò sì rí ọjọ́ kankan tí iye tó wà lórí fóònù yín dínkù.

Kì í ṣe àlá ni mò ń sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn tí àjọ NBS ti tún ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ṣe, 24.48% ni wọ́n kéde pé ọjà fi wọ́n sí i láàárín ọdún kan. Nígbà yẹn, èlé tí báńkì àpapọ̀, CBN, fi ń ṣe òṣùwọ̀n jẹ́ 27.5%, òfin wọn sì ni pé ó kéré tán, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni kí àwọn báńkì san lórí àkáǹtì ìfowópamọ́. Ìyẹn jẹ́ 8.25%. Ẹni tó bá ń gba 8.25% nígbà tí ọjà ń sáré 24.48%, ohun tí ₦100 rẹ̀ ń rà ti di ti ₦87 kí ọdún tó pé.

Nítorí náà, iye èlé tí wọ́n kọ sójú ìwé kọ́ ló ń sọ ogún di ogójì. Àlàfo tó wà láàárín èlé àti ọ̀wọ́n gógó ọjà ni. Bí èlé bá jẹ́ 12%, tí ọjà ń wọ́n sí i pẹ̀lú 9%, bíi 3% péré lẹ́ ẹ fi ń lówó sí i. Ẹ fi 3 pín 72: ọdún mẹ́rìnlélógún ni ogún máa fi di ogójì gidi, ogójì tó ń ra ohun tó jẹ́ ogójì.

Mo wá tún ìtàn àwọn ìbejì wa ṣírò pẹ̀lú àlàfo 3% yìí. Mo ní ká gbà pé àwọn méjèèjì ń fi owó kún ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i, kí ₦240,000 lọ́dún lè máa jẹ́ iye kan náà ní owó òní. Ṣadé ní bíi ₦6,300,000 ní ọgọ́ta ọdún. Kúnlé ní bíi ₦10,300,000. Kúnlé ló borí!

Àwọn tó ń sọ ìtàn yẹn lórí ayélujára kì í sọ èyí fún wa. Kì í ṣe pé ìṣirò wọn kò tọ̀nà. Ó tọ̀nà pẹ̀lú 12% tí kò sí ọ̀wọ́n gógó kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ èlé ńlá ni ìtàn náà gùn lé. Bí àlàfo bá kéré, ọdún mẹ́wàá ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ò lè gbé èèyàn dé ibi tó ń lọ. Ẹ tún wo nǹkan yìí: náírà kọ̀ọ̀kan tí Ṣadé fi sílẹ̀ di bíi náírà méjì àti kọ́bọ̀ méjìlélọ́gọ́ta, ti Kúnlé ò ju bíi náírà kan àti kọ́bọ̀ mẹ́tàléláàádọ́ta lọ. Bíbẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù ṣì dára jù. Dídáwọ́ dúró ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni kò dára. Tí Ṣadé bá ti ń bá a lọ pẹ̀lú Kúnlé, ohun tí ó máa ní ni tirẹ̀ àti ti Kúnlé pa pọ̀, bíi ₦16,600,000 ní owó òní.

Èyí tún tù mí lára nítorí àwọn Kúnlé tó pọ̀ láàárín wa. Ìtàn tí wọ́n ń sọ máa ń jẹ́ kí ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún rò pé ọkọ̀ ti lọ. Kò tíì lọ.

Ibì kan wà tí èlé orí èlé ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́: owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bínú sí iye tí wọ́n ń yọ. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ sì máa fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un. Gbogbo rẹ̀ máa ń lọ sínú àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní RSA. Níbẹ̀, ẹ ò nílò láti yan pé kí èrè padà sínú rẹ̀, torí kò sí ibòmíràn tó lè gbà lọ. Ẹ ò lè yọ ọ́ lọ ra fóònù. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù á dúró. Ìdènà tó ń bí yín nínú yẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ ewúrẹ́ dàgbà.

Bó bá ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó náà. Wọ́n máa ń fi í ránṣẹ́ sórí ímeèlì, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í ṣí i. Ẹ wo iye tí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín ti san. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tó jẹ́ èrè lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi èrè ọdún tó kọjá wé iye tí NBS kéde pé ọjà fi wọ́n sí i lọ́dún kan náà. Bí èrè bá ń já sílẹ̀ ju ọ̀wọ́n gógó lọ lọ́dún dé ọdún, òfin fún yín láyè láti kó owó náà lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ míì. Ẹ wo ti àwọn yòókù kẹ́ ẹ tó lọ o, torí ọdún kan tí ọjà sáré ju gbogbo wọn lọ kò túmọ̀ sí pé tiyín nìkan ló sùn.